Kí Bọ́tìnì Sítíárìn Má Baà Yadi

Bọ́tìnì tó wà lórí sítíárìn kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló rò pé tí àwọn bá tẹ ibi tí wọ́n kọ VOL+ sí, sítíárìn ń sọ fún rédíò pé kó gbé ohùn sókè. Nínú Kòróla ọdún 2009 sí 2013, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà tó wá kún títì wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ohùn, kò sì mọ orin. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni pé kó yí ìdènà iná tó wà láàárín wáyà méjì padà. Rédíò ló ń wọn ìdènà náà, rédíò ló sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì fi ń yadi tí wọ́n bá yọ rédíò tó bá ọkọ̀ wá, tí wọ́n sì fi ti Áńdírọ́ìdì tójú rẹ̀ fẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bọ́tìnì ò kú. Ẹni tó ń gbọ́ èdè rẹ̀ ló ti kúrò nílé, wọn ò sì tíì kọ́ ẹni tuntun tó wọlé. Riwáyà tó bá sọ fún ẹ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ó so wáyà tirẹ̀ tán ni, kò so ti ọkọ̀.

Mo jókòó ti ọ̀gá riwáyà kan lẹ́bàá Géètì n'Ìbàdàn nígbà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sínú Kòróla 2010 ti olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá náà ò bìkítà púpọ̀ nípa bí ojú rédíò tuntun ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni bọ́tìnì. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ojú mi kì í kúrò lójú títì. Tí mo bá ní láti máa na ọwọ́ lọ sára rédíò kí n tó lè dín in kù, ẹ dá tàtijọ́ padà fún mi.” Ọ̀gá dá wọn lóhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí bọ́tìnì yín ń sọ.”

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó tan rédíò àtijọ́, ó sì tẹ gbogbo bọ́tìnì tó wà lápá òsì sítíárìn níkọ̀ọ̀kan: ìgbóhùnsókè, ìdínkù, orin tó kàn, orin tó kọjá, àti MODE tó ń yí láti orí rédíò bọ́ sórí sídì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí. Gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́. Ó tẹ họ́ọ̀nù, họ́ọ̀nù dún. Ó wo iná éábàgì ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tàn nígbà tó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà yẹn ló tó mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ láti inú sítíárìn dá ṣáká. Tí nǹkan bá wá yí padà lẹ́yìn iṣẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ ló ti bàjẹ́, kò ní lè dá ọkọ̀ lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀nù àti éábàgì yẹn kì í ṣe àṣejù. Wáyà bọ́tìnì, wáyà họ́ọ̀nù àti wáyà éábàgì jọ ń gba inú ohun kan náà kọjá lábẹ́ sítíárìn. Àwọn riwáyà ń pè é ní kílọ́ọ̀kì sípírìngì. Wáyà pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n ká róbótó sínú ike, kí sítíárìn lè yí sọ́tùn-ún sósì láì já wáyà. Tí ó bá ti gé nínú, bọ́tìnì lè kú, họ́ọ̀nù lè má dún, iná éábàgì á sì dúró gbọin lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí rédíò tuntun tó lè tún ìyẹn ṣe.

Lẹ́yìn èyí ló tú orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gátíìfù, ó sì dúró díẹ̀. Tòyótà fúnra wọn ní kí èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kó tó fọwọ́ kan ohun tó bá súnmọ́ éábàgì, nítorí iná díẹ̀ ṣì máa ń wà nípamọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀gá kò ní iṣẹ́ kankan nínú sítíárìn. Gbogbo ohun tó nílò ló ti wá bá a lẹ́yìn rédíò. Síbẹ̀ ó pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé púlọ́ọ̀gì èyíkéyìí tó bá ní àwọ̀ yẹ́lò, kó má fi mítà kàn án láéláé. Wáyà éábàgì nìyẹn, iná kékeré tí mítà ń rán jáde láti wọn ìdènà lè tó láti bẹ́ ẹ.

Ó fi ike pẹlẹbẹ tú àwọn pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rédíò, kò lo sikurudíráfà, nítorí irin máa ń fá ike lára, ìfá náà ò sì ní lọ mọ́. Bóòtì mẹ́rin tí sípánà tẹ́ẹ̀nì ń tú ló di rédíò mú. Ó fà á jáde, ó yí i padà, àwọn púlọ́ọ̀gì sì hàn. Méjì ló tóbi jù nínú iṣẹ́ rédíò Tòyótà: ọ̀kan tó ní ojú 10, èkejì tó ní ojú 6. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wáyà bọ́tìnì gbà wọlé.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti máa ń pín láàárín riwáyà àti riwáyà. Ọ̀pọ̀ á mú píláyà, wọ́n á gé púlọ́ọ̀gì méjèèjì dànù, wọ́n á bó wáyà, wọ́n á sì máa fi àwọ̀ so àwọ̀. Ọ̀gá yìí kò gé nǹkan kan. Ó ní ìdí.

Àwọ̀ wáyà rédíò tuntun ní òfin tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé: yẹ́lò ni iná tí kì í kú, pupa ni iná tó ń wá tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, dúdú ni áàtì. Ṣùgbọ́n Tòyótà ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú, òfin méjèèjì kò sì bá ara wọn mu. Nínú wáyà Tòyótà, búráùn ni áàtì. Wáyà búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná tí kì í kú, àwọ̀ eérú sì ni iná kọ́kọ́rọ́. Dúdú àti yẹ́lò? Sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n. Ẹni tó bá fi dúdú so dúdú, yẹ́lò so yẹ́lò, ẹsẹ̀ sípíkà kan ló so mọ́ ibi tí rédíò ti ń retí iná 12 fólítì, ó sì tún fi ẹsẹ̀ kejì sípíkà náà ṣe áàtì. Àwọ̀ eérú ńkọ́? Lára rédíò tuntun, sípíkà iwájú lápá ọ̀tún nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ra púlọ́ọ̀gì agbedeméjì, èyí tó ní ojú 10 àti ojú 6 bíi ti Tòyótà lápá kan, tí wáyà lásán sì wà lápá kejì. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà yìí mọ́ ti rédíò tuntun lórí tábìlì, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe nínú ihò dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fi rọ́bà tó máa ń súnkì tí iná bá kàn án bo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò lo téèpù dúdú. Lẹ́yìn ọ̀sán mélòó kan nínú oòrùn, gọ́ọ̀mù téèpù á yọ́, téèpù á sì ṣí.

Síbẹ̀, kò gba púlọ́ọ̀gì agbedeméjì gbọ́ láìdán an wò. Ó dá orí bátìrì padà, ó sì gbé mítà. Wáyà búlúù onílà yẹ́lò fi 12 fólítì hàn, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà lápò. Ti àwọ̀ eérú kò fi nǹkan kan hàn títí ọmọ iṣẹ́ fi yí kọ́kọ́rọ́ sí ACC. Fún sípíkà, ó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ 1.5 fólítì, ó fi wáyà sípíkà méjì kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì ta “pọ́” kékeré. Bó ṣe ń kàn án ni ọmọ iṣẹ́ ń pe ibi tó ti dún. Kò sí ìméfò níbẹ̀.

Ìgbà yìí ló wá kan bọ́tìnì.

Wáyà mẹ́ta péré ló ń bọ̀ láti sítíárìn wá sí ẹ̀yìn rédíò nítorí bọ́tìnì. Lórí àwòrán wáyà, wọ́n ń pè wọ́n ní SW1, SW2 àti SWG. SW1 ló ru ìgbóhùnsókè, ìdínkù, orin tó kàn àti orin tó kọjá. SW2 ló ru MODE, àti bọ́tìnì fóònù nínú ọkọ̀ tó bá ní in. SWG ni ọ̀nà àbọ̀ fún méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á béèrè pé báwo ni bọ́tìnì mẹ́rin ṣe lè gba wáyà kan ṣoṣo kọjá láìdàrú. Bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin ń kan ilẹ̀kùn kan náà ni: onílé ò ní láti rí wọn, ìkànkùn ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ó sì mọ ẹni tó dé.

Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ mítà kan sí SW1, ó fi èkejì sí SWG, nígbà tí púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ò sí lára rédíò kankan. Ó ní kí màmá bá òun tẹ bọ́tìnì. Tí wọn ò bá tẹ nǹkan kan, mítà fi nǹkan bí 100,000 óòmù hàn. Nígbà tí wọ́n tẹ orin tó kàn, ó já sí òdo. Orin tó kọjá mú nǹkan bí 329 óòmù wá. Ìgbóhùnsókè mú 1,000, ìdínkù sì mú nǹkan bí 3,110. Iye tí ìwé àtúnṣe Tòyótà kọ náà nìyẹn, ó sì gbà kí ìyàtọ̀ bí 5 nínú 100 wà.

Ọmọ iṣẹ́ béèrè pé, “Ọ̀gá, tí orin tó kàn bá fi 40 óòmù hàn dípò òdo ńkọ́?” Ọ̀gá ní, “Ojú bọ́tìnì ti dọ̀tí nìyẹn, tàbí kílọ́ọ̀kì sípírìngì ti ń rẹ̀ ẹ́. Yóò fi 40 kún gbogbo àwọn yòókù náà tó bá jẹ́ kílọ́ọ̀kì sípírìngì. Tó bá jẹ́ bọ́tìnì kan ṣoṣo ló yapa, bọ́tìnì náà ni.” Lẹ́yìn náà ló ní kí màmá di bọ́tìnì orin tó kọjá mú, kí wọ́n sì máa yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun òsì dé ìpẹ̀kun ọ̀tún. 329 kò kúrò lójú kan. Ká ní ó ń fò sókè sódò ni, wáyà inú kílọ́ọ̀kì sípírìngì ti fẹ́ gé nìyẹn, ibi tó ti ń fò ló sì ti fẹ́ gé.

Ohun tó kàn ni wáyà tí ọ̀pọ̀ riwáyà kì í kà sí: SWG. Wọ́n máa ń so SW1 àti SW2 mọ́ rédíò tuntun, wọ́n á sì retí pé bọ́tìnì á jí. Kò ní jí. SWG kò ní áàtì tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú rédíò àtijọ́ ló ti ń rí áàtì, ẹni tó bá sì yọ rédíò náà ti fi wáyà yìí sílẹ̀ ní fífò lójú òfuurufú. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: gbogbo bọ́tìnì ló kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà ń kà wọ́n dáadáa.

Àwọn mìíràn mọ ìyẹn, wọ́n sì máa ń so SWG mọ́ bóòtì èyíkéyìí lára bọ́dì ọkọ̀. Bọ́tìnì á jí lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gá yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà dúdú rédíò tuntun gan-an ló so SWG mọ́, ní ibi tó súnmọ́ ẹ̀yìn rédíò jù. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí iná ṣe ń rìn. Nígbà tí bẹ́ẹ̀sì bá lù, rédíò lè fa nǹkan bí 8 áḿpíà gba inú áàtì rẹ̀ kọjá. Tí ìdènà ọ̀nà yẹn bá jẹ́ 0.02 óòmù péré, 0.16 fólítì á dúró sójú ọ̀nà, áàtì rédíò á sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju áàtì bọ́dì lọ. Tí SWG bá wà lára bọ́dì, ohun tí rédíò ń kà lójú bọ́tìnì á wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún. Mo ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: ẹni tó ni ín ń tẹ orin tó kọjá, orin tó kàn ló ń wá, àfi tó bá dín ohùn kù ni yóò tó gbọ́ràn. Wọ́n ti fi èṣù kún un, àìsàn náà kò sì ju wáyà kan ṣoṣo tí wọ́n so síbi tí kò yẹ.

Rédíò Áńdírọ́ìdì náà ní wáyà tirẹ̀ fún bọ́tìnì. Wọ́n máa ń kọ KEY1 àti KEY2 sí wọn lára. Ọ̀gá so SW1 mọ́ KEY1, ó so SW2 mọ́ KEY2. Ṣùgbọ́n kó tó so wọ́n, ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rédíò tuntun náà, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá etí rẹ̀ mú.

Bí rédíò ṣe ń wọn ìdènà rèé. Ó ní fólítì kékeré kan nínú, ó sì ń gba inú rẹsísítọ̀ kan rán an jáde sórí KEY1. Tí bọ́tìnì bá fa wáyà yẹn sí áàtì pẹ̀lú ìdènà tirẹ̀, fólítì tó kù lójú KEY1 á yí padà gẹ́gẹ́ bí ìdènà bọ́tìnì ṣe pọ̀ tó. Tí fólítì inú bá jẹ́ 3.3, tí rẹsísítọ̀ inú sì jẹ́ 1,000 óòmù, ìṣirò rẹ̀ nìyí, níbi tí R jẹ́ ìdènà bọ́tìnì:

```
V = 3.3 × R ÷ (R + 1000)
```

Orin tó kàn á jẹ́ 0 fólítì, orin tó kọjá 0.82, ìgbóhùnsókè 1.65, ìdínkù 2.50. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ nǹkan kan, nǹkan bí 3.27 ni. Àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀, rédíò ò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rédíò tó wà lọ́jà ló ní 1,000 óòmù nínú, olùtajà kì í sì í sọ. Ọ̀gá ní ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n láìtú rédíò. Ó tan án lórí tábìlì, ó wọn KEY1 lásán: 3.3 fólítì. Lẹ́yìn náà ló mú rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù kan, ó fi í sáàárín KEY1 àti áàtì rédíò, ó sì tún wọn ọ́n: 0.3 fólítì. Ó fa ojú ro díẹ̀. Tí 0.3 bá dúró lórí 1,000 óòmù, 3.0 tó kù dúró lórí ìlọ́po 10 rẹ̀. Ìyẹn ni pé 10,000 óòmù ló wà nínú rédíò yìí.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe sí bọ́tìnì màmá. Orin tó kàn ṣì jẹ́ 0 fólítì. Orin tó kọjá wálẹ̀ sí 0.11, ìgbóhùnsókè sí 0.30, ìdínkù sí 0.78. Gbogbo wọn ti lọ kóra jọ sísàlẹ̀. Lójú rédíò, orin tó kàn àti orin tó kọjá fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Irú rédíò yìí ló máa ń gba ẹ̀kọ́ níwájú riwáyà, tó á sì gbàgbé lọ́jọ́ kejì nígbà tí ooru bá mú tàbí tí ojú bọ́tìnì bá dọ̀tí díẹ̀. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ ti ro pé á dá rédíò padà fún ẹni tó tà á.

Kò dá a padà. Ó tú ìdérí rẹ̀, ó tọ ojú KEY1 wọ inú bọ́ọ̀dù títí ó fi kan rẹsísítọ̀ tíńtínní kan tí kò ju hóró ìrẹsì tó dá sí méjì lọ. Ó wọn orí rẹ̀ kejì láti rí i dájú pé 3.3 fólítì ló wà níbẹ̀. Kò yọ ọ́. Ó gbé rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù lé e lórí, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́. Méjèèjì tí wọ́n wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń ṣiṣẹ́ bíi 909 óòmù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún KEY2 náà. Lẹ́ẹ̀dì tó lò níbẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́, irin rẹ̀ kò sì pẹ́ lára bọ́ọ̀dù ju ìgbà tí èèyàn á fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tí irin bá pẹ́ níbẹ̀, ojú bàbà tó wà lórí bọ́ọ̀dù á ṣí kúrò.

Ó tún ìwọ̀n ṣe. Orin tó kọjá ti gòkè dé 0.88 fólítì, ìgbóhùnsókè 1.73, ìdínkù 2.55. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ibi tó ti yẹ ká sanwó fún ọ̀gá yìí gan-an nìyẹn, kì í ṣe ibi tí ojú rédíò ti ń tàn yanranyanran. Ohun tó ṣe níbẹ̀ kò lè hàn sí oníbàárà láéláé, owó tó sì ná a kò tó owó omi inú ọ̀rá.

Kíkọ́ rédíò lẹ́kọ̀ọ́ wá di iṣẹ́ kékeré. Ó ṣí ojú ewé sítíárìn nínú ètò rédíò, ó pa gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀ rẹ́, ó sì ní kí màmá di ìgbóhùnsókè mú. Bí wọ́n ṣe dì í mú ló fọwọ́ kan àwòrán ìgbóhùnsókè lójú rédíò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo márààrún, ó tọ́jú rẹ̀, ó pa ọkọ̀, ó sì tún un tan kó tó dán an wò. Rédíò kan wà tó máa ń gba ẹ̀kọ́ tí kì í tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá pa ọkọ̀ kò ní mọ̀ àfi lọ́la.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Ọ̀pọ̀ rédíò Páyóníà, fún àpẹẹrẹ, kì í kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀. Ihò róbótó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ fún bọ́tìnì, iye ìdènà tirẹ̀ ló sì ń retí níbẹ̀, kì í ṣe ti Tòyótà. Fún irú rẹ̀, a ní láti ra àpótí kékeré kan tó ń ka ti ọkọ̀ lápá kan, tó sì ń sọ ti rédíò lápá kejì. Bákan náà ni àwọn ọkọ̀ kan wà tí bọ́tìnì wọn kì í rán ìdènà wá sẹ́yìn rédíò rárá. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú sítíárìn ló ń sọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lórí wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jọ ń lò. Mítà kò lè rí 329 óòmù níbẹ̀. Rẹsísítọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi àpótí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an. Riwáyà tó bá fi KEY1 so wáyà yẹn lè da gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọkọ̀ rú, iná ìkìlọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí mítà ṣáájú píláyà.

Kó tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà, ọ̀gá ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn. Ó tan iná iwájú, ó gbé bẹ́ẹ̀sì sókè dé ibi tí gíláàsì ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó sì ní kí màmá máa tẹ orin tó kọjá. Ó ń padà lọ sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Ó ní kí wọ́n yí sítíárìn títí dé ìpẹ̀kun méjèèjì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ họ́ọ̀nù, ó tún wo iná éábàgì. Gbogbo ohun tí ọmọ iṣẹ́ kọ sẹ́yìn páálí láàárọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún riwáyà lè bi í ní ìbéèrè méjì kó tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́: ṣé á gé púlọ́ọ̀gì, àti ibo ló máa so SWG mọ́? Ìdáhùn sí ìkejì á fi hàn bóyá ó mọ bọ́tìnì. Ìdáhùn sí àkọ́kọ́ á fi hàn bóyá ó bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀. Ọ̀gá yìí di rédíò àtijọ́ sínú páálí pẹ̀lú bóòtì mẹ́rin rẹ̀, ó sì gbé e fún màmá. “Púlọ́ọ̀gì yín ò ní ojú ọgbẹ́, mà. Lọ́jọ́ tí Áńdírọ́ìdì yìí bá sú yín, ẹnikẹ́ni tó ní sípánà tẹ́ẹ̀nì lè dá ti Tòyótà padà, bọ́tìnì á sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.”